Nígbà tí Yàrá Òtútù bá ń Móoru Díẹ̀díẹ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ọmọbìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Kò tíì dáná, kò tíì fọ ìkòkò kankan. Ara ògiri yàrá òtútù ló kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ tí wọ́n sì fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ó wo ojú tẹ́mómítà, ó kọ 4.6, ó kọ aago tì í, ó sì lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn kò já ẹnikẹ́ni láyà. Ọ̀gá ilé oúnjẹ náà ti kọ ọ́ gàdàgbà sókè ìwé pé kò gbọdọ̀ kọjá 5, 4.6 kò sì kọjá 5. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ìka tọ ìlà àárọ̀ lọ sẹ́yìn, ohun mìíràn ló máa rí. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, 2.4 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí ó ti di 3.0. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì ó di 3.8. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan kà á pọ̀.

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn kan náà, ojú tẹ́mómítà ti wà ní 7.1. Ìgbà yẹn ni ariwo ta.

Ìdí tó fi jẹ́ 5

Kí á tó lọ jìnnà, yàrá tí à ń sọ yìí kì í ṣe kóòdù-rúùmù ẹlẹ́ja tí ohun gbogbo inú rẹ̀ ti dì gbagidi. Yàrá tí ilé oúnjẹ fi ń tọ́jú ohun tí wọn yóò sè lónìí tàbí lọ́la ni: ẹran tí wọ́n ti gé, ẹja tó ti yọ́, ata lílọ̀, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó kù, ẹ̀fọ́ àti èso. Ohun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù láìdì, ìyẹn láti nǹkan bíi dígírì 1 sí 5. Fírísà ló ni òdo sísàlẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ kó wà ní dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo.

Ìlànà oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún àwọn ilé oúnjẹ fi ààlà sí 5. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kó dé 8, ṣùgbọ́n 5 ni wọ́n ń gba àwọn olóúnjẹ níyànjú láti máa lépa. Àwọn ọmọ wa tó ń ta àmàlà àti ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì ní Lọ́ńdọ̀n mọ èyí dáadáa, torí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó bá wọlé lè béèrè ìwé òtútù wọn kó tó wo ìdí ìkòkò.

Kì í ṣe pé kòkòrò àìfojúrí ń kú ní dígírì 5. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń falẹ̀ ni, àwọn kan bíi lísítéríà tilẹ̀ ń pọ̀ sí i níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Bí òtútù bá ti ń dín kù ni wọ́n ń yára bí sí i. Ìdí nìyẹn tí wákàtí fi ṣe pàtàkì tó dígírì.

Ohun tó yẹ kó dun olóúnjẹ jù lọ ni pé iná kì í tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ mú ẹja títùsì. Bó bá pẹ́ nínú ooru, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ a sọ èròjà kan nínú ẹran ara ẹja náà di hísítámìn. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ din ín, ẹ sè é, ẹ dá a padà sínú fírísà, kò ní kúrò. Ẹja náà lè má rùn, àwọ̀ rẹ̀ lè má yí padà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni ojú rẹ̀ máa pọ́n láàárín wákàtí kan, orí á fọ́ ọ, ara á máa yún un, wọ́n á sì ní ẹja ni kò bá a lára mu. Ìrẹsì sísè náà ní tirẹ̀: kòkòrò kan wà tí èso rẹ̀ máa ń la sísè já, bí ìrẹsì bá sì pẹ́ nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ó lè tu oró tí títún ìrẹsì náà gbé kaná kò lè pa.

Àárọ̀ ń sọ ti ẹ̀rọ, ọ̀sán ń sọ ti ènìyàn

Ẹnjiníà àgbàlagbà kan tó ti ń tún ẹ̀rọ òtútù ṣe ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún mi pé bí òun bá dé ilé oúnjẹ, ìwé ni òun kọ́kọ́ máa ń béèrè, kì í ṣe àpótí irinṣẹ́. "Ẹ fi nọ́ńbà àárọ̀ hàn mí ná," ló máa ń sọ. "Lẹ́yìn náà ẹ fi ti ọ̀sán hàn mí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Láti alẹ́ tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn títí di aago mẹ́fà àárọ̀, kò sẹ́ni tó wọlé, kò sẹ́ni tó gbé ohun gbígbóná síbẹ̀, oòrùn kò sì sí níta. Bí iná bá wà, ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà. Nọ́ńbà tó bá bá yín ní àárọ̀ ni agbára ẹ̀rọ gan-an. Bí nọ́ńbà yìí bá ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ ló ń rẹ̀, kódà bí kò bá tíì dé 5.

Ọ̀sán yàtọ̀. Láti aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta, ilẹ̀kùn kì í sinmi. Bí àárọ̀ bá dúró sí 2.5 lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀sán ń gun òkè, ẹ má pe ẹnjiníà, ẹ lọ dúró nítòsí ilẹ̀kùn kí ẹ máa wò. Ẹ lè rí i pé ẹnì kan fi páálí há a kó má baà tì nígbà tó ń kó ọtí wọlé. Ẹ sì lè rí ìkòkò ọbẹ̀ ńlá tí wọ́n gbé wọlé pẹ̀lú ooru rẹ̀.

Ìkòkò yẹn yẹ ní ọ̀rọ̀ kan. Ìlànà Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà ní kí oúnjẹ sísè kúrò ní dígírì 57 bọ́ sí 21 láàárín wákàtí 2, kó sì ti 21 dé 5 láàárín wákàtí 4 mìíràn. Ìkòkò jíjìn tó kún fún ọbẹ̀ kò lè ṣe é, ibikíbi tí ẹ bá gbé e sí. Àárín rẹ̀ á ṣì máa gbóná di òru, á sì máa da ooru rẹ̀ lé ẹran àti ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí kò jìn, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi yìnyín, ẹ máa rò ó, kó tutù ná kó tó wọ yàrá.

Ibi tí ẹ fi tẹ́mómítà sí

Nọ́ńbà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ lára ògiri ìta kì í ṣe òtútù ẹran yín. Òtútù atẹ́gùn nítòsí ẹ̀rọ inú ni, ibẹ̀ sì ni ibi tó tutù jù nínú yàrá lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti rí yàrá tí ojú ògiri rẹ̀ ń sọ 3 nígbà tí ohun tó wà lórí pẹpẹ òkè lẹ́bàá ilẹ̀kùn ti kọjá 6.

Nítorí náà, ibi tó móoru jù ni kí tẹ́mómítà tí ẹ ń kà wà: pẹpẹ òkè, nítòsí ilẹ̀kùn, kó má dojú kọ fáànù. Atẹ́gùn a máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, oúnjẹ kì í sì yára bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ, ẹ kó omi sínú ìgò kékeré, ẹ ki imú tẹ́mómítà bọ̀ ọ́, ẹ fi í sórí pẹpẹ yẹn. Omi inú ìgò á máa rìn bí ọbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe ń rìn, kò sì ní ta gìrì nítorí ẹni tó wọlé mú tòmátì.

Tẹ́mómítà fúnra rẹ̀ lè yapa. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kún ife, ẹ bu omi tútù díẹ̀ sí i kó lè kún àlàfo àárín yìnyín, ẹ rò ó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ wá ki imú tẹ́mómítà sí àárín rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Òdo ló yẹ kó sọ. Bó bá fi ju dígírì 1 yà sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ pa á tì. Ó dára kí a ṣe èyí lóṣooṣù, ká sì tún ṣe é ní ọjọ́ tí nọ́ńbà bá ṣàdédé yí padà, kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Ìwé tó ń purọ́

Máníjà obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura mẹ́ta sọ fún mi pé òun lè wo ìwé òtútù láti òkèèrè kí òun sọ bóyá òótọ́ ni. "Bó bá jẹ́ 3, 3, 3, 3 láti orí dé ìdí, tí bírò kan náà sì kọ gbogbo rẹ̀, ọjọ́ kan ni wọ́n kọ oṣù kan." Yàrá tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró sójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tó ń fa irọ́ náà kò jìnnà. Lọ́pọ̀ ilé oúnjẹ, ọmọ tó bá kọ 7 ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá wí, bí ẹni pé òun ló gbé ooru wọlé. Èmi ò rò pé ìbáwí kankan ń ba ìwé òtútù jẹ́ tó èyí. Máníjà yìí ṣe ohun méjì: ó ní kí wọ́n máa kọ ìdá mẹ́wàá dígírì, 3.4 dípò 3, torí pé ó ṣòro láti hùmọ̀ rẹ̀ láìwo ojú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ kígbe nọ́ńbà búburú kì í gba ìbáwí lọ́wọ́ rẹ̀.

Irọ́ mìíràn wà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ní aago mọ́kànlá òru, tí kò sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀, tí iná wá dé ní aago mẹ́rin, ẹ̀rọ lè ti fa yàrá padà sí 4.5 kí ọmọ tó dé ní aago mẹ́fà. Ohun tí yóò kọ nìyẹn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Tẹ́mómítà kan wà tí kò wọ́n púpọ̀ tó máa ń pa nọ́ńbà tó ga jù àti èyí tó kéré jù mọ́ títí ẹ ó fi pa á rẹ́. Ẹ kà á ní àárọ̀, ẹ kọ méjèèjì, ẹ wá pa á rẹ́ fún ọjọ́ tuntun.

Ẹni tó bá lówó díẹ̀ sí i lè ra ẹ̀rọ akọsílẹ̀, èyí tó ń lo bátìrì tirẹ̀ tó sì ń kọ òtútù sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná wà tàbí kò sí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wo àwòrán rẹ̀, ẹ lè rí i pé nọ́ńbà máa ń fò sókè díẹ̀ fún bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, á sì padà. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Ẹ̀rọ ló ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀. Èyí tó fò sókè tí kò padà, tàbí tó ń pẹ́ sí i kó tó padà, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Oúnjẹ ná, kí a tó kan ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ ká padà sí 7.1 ti Bódìjà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá náà ṣe dára: kò pe ẹnjiníà kó tó yẹ oúnjẹ wò. Ó mú tẹ́mómítà abẹ́rẹ́, ó gún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan dé àárín. Ẹran tútù tó wà nínú ọpọ́n jíjìn lẹ́yìn yàrá ṣì wà ní 4.4. Ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ nítòsí ilẹ̀kùn ti di 6.4. Títùsì tó ti yọ́ wà ní 5.9.

Ìbéèrè tó kàn ni pé láti ìgbà wo? Ìlànà tí ilẹ̀ Ọsirélíà ń lò rọrùn láti rántí. Oúnjẹ tó ti lo àpapọ̀ àkókò tí kò tó wákàtí 2 láàárín dígírì 5 sí 60 lè padà sínú òtútù. Èyí tó ti lo wákàtí 2 sí 4, ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ padà. Èyí tó bá ti ju wákàtí 4 lọ, dídànù ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n á ka wákàtí láti ìgbà tí wọ́n rí i. Ìgbà tí ẹ rí nọ́ńbà rere gbẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa kà, torí ẹ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, òde ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó ráyè ka tẹ́mómítà ní aago mẹ́wàá. Nọ́ńbà rere tí wọ́n ní gbẹ̀yìn ni ti aago mẹ́fà. Láti aago mẹ́fà sí méjì jẹ́ wákàtí 8. Ìrẹsì àti títùsì lọ sínú ààtàn. Ká ní wọ́n kà á ní aago mẹ́wàá, tó sì wà lábẹ́ 5, wákàtí 4 ni ì bá jẹ́, wọn ì bá sì ti din ẹja náà lójú ẹsẹ̀ tà. Owó títùsì ọjọ́ yẹn ni owó kíkà kan tí wọ́n fò.

Wọ́n kó ẹran sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, wọ́n gbé ìyókù lọ sí yàrá òtútù ilé oúnjẹ kan tó wà ládùúgbò, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: aago, nọ́ńbà, ohun tí wọ́n dà nù.

"Gáàsì ti lọ, mà"

Ọmọ ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ dé kò tíì ṣí ilẹ̀kùn kó tó sọ pé, "Gáàsì ti lọ, mà. Ẹ jẹ́ ká fi kún un."

Gbólóhùn yìí ti ná àwọn olóúnjẹ wa lówó tó pọ̀. Gáàsì inú ẹ̀rọ òtútù kì í tán bí epo mọ́tò. Ó ń yípo nínú páìpù ni. Bó bá dín kù lóòótọ́, ihò wà níbì kan, bí wọn kò bá sì rí ihò náà dí, èyí tí wọ́n fi kún un á tún jáde. Bí kò bá sì dín kù, fífi kún un á di ẹrù lórí kọmpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀gá náà ní kó dúró, ó ránṣẹ́ pe ẹnjiníà àgbàlagbà yẹn. Bàbá náà wo ìlà àárọ̀ nínú ìwé. "Kò já lójijì, ó ń rọra lọ ni," ló wí. "Ohun kan ló ń dí i." Bó bá jẹ́ pé láàárín wákàtí kan ni nọ́ńbà fò sókè, iná, fáànù, kọmpúrẹ́sọ̀ tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé ni ì bá kọ́kọ́ wò, á sì wọn iná náà, torí NẸ́PÀ tó ń mú 170 wá dípò 230 lè máà jẹ́ kí kọmpúrẹ́sọ̀ gbéra.

Ó wọlé, ó gbé ọwọ́ síwájú fáànù. Fáànù ń dún, atẹ́gùn kò jáde. Yìnyín ti bo àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn fáànù pátápátá, kò sí ihò tí atẹ́gùn lè gbà. Òtútù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jáde wá bá oúnjẹ. Bí yìnyín ti ń nípọn sí i lójoojúmọ́ ni nọ́ńbà àárọ̀ ń gòkè.

Níbo ni yìnyín tó pọ̀ tó báyìí ti wá? Láti inú ọrinrin. Bàbá fi ìwé pélébé há ẹnu ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fà á. Lókè, ìwé náà há gan-an. Ní igun ìsàlẹ̀, ó yọ wẹ́rẹ́. Kéréètì ọtí tí wọ́n ń gbá mọ́ ibẹ̀ ti ya rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Gbogbo òru ni atẹ́gùn Ìbàdàn tó kún fún ọrinrin ń gba ibẹ̀ wọlé, tó ń di yìnyín lára irin. Ó tún yẹ ohun tó ń yọ́ yìnyín fún ẹ̀rọ wò, torí bí ìyẹn bá jó, àmì kan náà ló máa mú wá. Kò jó. Ó kàn jẹ́ pé ọrinrin náà ju agbára rẹ̀ lọ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin inú ilé ìdáná ti gbé ọ̀bẹ dé láti fi gbẹ́ yìnyín náà. Bàbá dá a dúró. Páìpù tó wà lábẹ́ yìnyín rọ̀, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ti tó láti lu ú, ìgbà yẹn ni gáàsì máa wá lọ lóòótọ́. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n jẹ́ kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀ títí di alẹ́. Kí ó tó di pé ó yọ́ tán, Bàbá lọ sẹ́yìn ilé, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ ẹ̀rọ tó ń tú ooru síta. Èéfín òróró ilé ìdáná ti lẹ eruku mọ́ ọn bí aṣọ. Ìyẹn nìkan kọ́ ló fa wàhálà náà, àmọ́ ó ti ń fi kún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n fi rọ́bà fún ìgbà díẹ̀ dí igun náà, 2.7 ni. Rọ́bà tuntun dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́bọ̀, 2.4.

Ìlà kejì lórí ìwé

Ọ̀gá náà kò pa àkọlé "kò gbọdọ̀ kọjá 5" rẹ́. Ó fi òmíràn sí abẹ́ rẹ̀: bí nọ́ńbà àárọ̀ bá fi dígírì 1 ju ti àárọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Ká ní ìlà yìí ti wà tẹ́lẹ̀, Ọjọ́rú tí 3.8 jáde ni wọn ì bá ti pe ẹnjiníà, ọjọ́ mẹ́ta kí ìrẹsì tó dé ààtàn. Ó sì yan ẹni kan tí yóò máa jókòó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ ọ́.

Bàbá ẹnjiníà ní ohun kan láti fi kún un kó tó lọ. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru bá mú, nọ́ńbà àárọ̀ gbogbo yàrá òtútù nílùú máa ń gòkè díẹ̀, torí pé atẹ́gùn tó yẹ kó tu ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé lára ti gbóná fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ló máa ń dí i. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ìwé ọdún yìí, kí wọ́n má jù ú nù, kí wọ́n lè fi oṣù kẹta wé oṣù kẹta nígbà tó bá tún yí dé.